Bí Gbólóhùn Kan Tí A Ṣèèṣì Gbọ́ Ṣe Ń Di Ìtàn, àti Bí A Ṣe Ń Dán An Wò Kí A Tó Kọ Ọ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, mo ń retí ẹni tó lọ bá mi mú yáàdì márùn-ún àdìrẹ wá láti inú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí obìnrin kan yọ aṣọ kan láti inú láílọ́ọ̀nù dúdú, tó nà án sí ìyá aláró, tó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pé: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á kó dúdú dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé aṣọ yẹn náà ni.” Ìyá aláró kò bi í ní nǹkan kan. Ó gba aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, ó sì gbé e lé orí àwọn tó kù. Obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà gba aṣọ mi, mo lọ.

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ó ti gba ọwọ́ mi kọjá ní gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, ó sì kùnà nínú ọ̀kan kí n tó rí àtúnṣe sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ ìtàn ló ní ìwé tó kún fún gbólóhùn tó dùn mọ́ wa létí ní Kútọ̀ tàbí nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Láfẹ́nwá, síbẹ̀ tí ìtàn tí a bẹ̀rẹ̀ láti ara wọn ń kú sójú ewé kẹta tàbí ìkẹrin. Kì í ṣe ọwọ́ wa ló máa ń fà á. Ohun tó máa ń fà á ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kí a tó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ tó fi máa rìn jìnnà.

Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ gan-an

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni náà lò gan-an, nítorí pé iyè wa máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe láìjẹ́ kí a mọ̀. Bí mo bá ti dé ilé ní Aṣẹ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí n kọ “aṣọ kan náà ni” dípò “aṣọ yẹn náà ni”. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà pọ̀. “Aṣọ kan náà” lè jẹ́ aṣọ èyíkéyìí tó jọ òmíràn. “Aṣọ yẹn” jẹ́ aṣọ tí àwọn tí kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, tí wọ́n sì tún lè máa wá a lọ́wọ́lọ́wọ́.

Lábẹ́ gbólóhùn náà, ẹ kọ ohun mẹ́ta péré: ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ, ohun tí ara ẹni náà ń ṣe bó ṣe ń sọ ọ́, àti ohun tí ẹ kò rí. Nínú ìwé mi, mo kọ pé ó di ẹnu láílọ́ọ̀nù náà mú kódà lẹ́yìn tí aṣọ ti kúrò nínú rẹ̀, àti pé n kò rí ojú aṣọ náà rárá, nítorí inú ló yí síta. Ohun tí a kò rí yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, torí ibẹ̀ ni a óò ti ní ààyè láti dá tiwa sílẹ̀.

Ẹ má ṣe tẹ̀lé ẹni náà, ẹ má sì bi ìyá aláró pé ta ni. Lọ́nà kìíní, àṣírí rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Lọ́nà kejì, bí ẹ bá mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, ihò tí ìtàn ìbá gbà jáde ti dí nìyẹn, ẹ ó sì di ẹni tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Abẹ́òkúta tóbi, ṣùgbọ́n kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ẹ kọ ìtàn rẹ̀ kò fi ní ní aládùúgbò tó ń kàwé. Nítorí náà, ohunkóhun tó lè tọ́ka sí obìnrin gidi yẹn, yálà ìmúra rẹ̀ tàbí irú ohùn tó ní, mo ti yí i padà kí n tó kọ ìlà kan.

Ẹ wá ihò inú gbólóhùn náà

Gbólóhùn tó lè bí ìtàn máa ń ní ibì kan tí ìmọ̀ wa kò dé. Ẹ kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé èwo nínú wọn ni kò tíì fara hàn. Èdè Yorùbá ràn wá lọ́wọ́ gan-an níbí. Ẹ wo “wọ́n” tó wà nínú “ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀”. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: àwọn ẹbí, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ dá aṣọ, àwọn oníbàárà. Ó sì lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ: ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá. Ìtàn méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ló wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, nítorí pé ẹni tó ń sá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún ìtìjú, nígbà tí ẹni tó ń sá fún àgbà kan ṣoṣo ń sá fún ojú kan tó mọ̀ dáadáa. Bákan náà, “ó” kò sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ẹ bá gbọ́ “ó ní òun ò ní wá mọ́” ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹ kò tíì mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ yára yàn.

Ẹ ṣọ́ra fún òwe. Òwe tí a gbọ́ lẹ́nu àgbà máa ń dùn débi tí ọwọ́ wa yóò fi sáré kọ ọ́, ṣùgbọ́n òwe jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti parí. Ẹni tó pa á ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti ṣèdájọ́, ó sì ti di í ní ìdì kan. Ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ láti ara òwe sábà máa ń sáré lọ bá ìdájọ́ náà. Àwàdà náà rí bẹ́ẹ̀: ó ti lo ohun tó ní tán nígbà tí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ dá ìdáhùn, kí ẹ sì ju àkọ́kọ́ nù

Nígbà tí ẹ bá ti rí ihò náà, ẹ kọ ìdáhùn mẹ́rin ó kéré tán sí ìbéèrè tó yọ jáde. Tèmi ni: kí ló dé tí kò fi gbọdọ̀ hàn pé aṣọ yẹn ni?

Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ ni pé ó jí aṣọ náà. Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún kọ́kọ́ mú wá, ìdí nìyẹn tí mo fi pa á tì. Òǹkàwé yóò ti rò ó kó tó dé ìsàlẹ̀ ewé kìíní. Èkejì ni pé owó aṣọ ẹbí ti bọ́ sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá fẹ́ pa aṣọ àtijọ́ láró kó lè jọ tuntun. Èyí dára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó parí lọ́jọ́ òde: wọ́n rí i tàbí wọn kò rí i. Ẹ̀kẹta ni pé ó fẹ́ ta á fún ẹni tó fún un lẹ́bùn. Ẹ̀kẹrin pẹ́ kó tó dé, ó tó ọjọ́ mẹ́ta: aṣọ náà jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá rẹ̀ tó kú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya, ọ̀kan ṣoṣo tó kù. Àwọn ọmọ yóò pín ẹrù ìyá wọn lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́. Ó fẹ́ kí aṣọ náà jẹ́ tòun nìkan, nítorí náà ó fẹ́ pa á láró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin má baà dá a mọ̀.

Mo mọ̀ pé èyí ni mo ń wá, nítorí pé ohun tó fẹ́ ṣe láti pa aṣọ náà mọ́ ni yóò ba ohun tó mú un fẹ́ràn rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà lára aṣọ yẹn. Bí aró tuntun bá bò ó, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ìdáhùn kan bá mú kí ẹ̀dá ìtàn máa ja ara rẹ̀ lólè báyìí, ẹ dì í mú.

Ẹ béèrè nípa iṣẹ́, ẹ má béèrè nípa ènìyàn

Mo padà sí Ìtòkú, sọ́dọ̀ aláró mìíràn, mo sì bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tún àdìrẹ ẹlẹ́kọ pa láró. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi làfún sè ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í gba aró bíi ibi tó kù, òun ló sì ń di bátànì tí a ń rí nígbà tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ náà kúrò. Bí wọ́n bá tún aṣọ náà rì sínú aró láìfi ẹ̀kọ bò ó, ibi tó funfun tẹ́lẹ̀ yóò gba aró. Àmọ́ ibi tó ti dúdú náà yóò gbà kún tirẹ̀. Nítorí náà, bátànì náà kì í sábà parẹ́ tán. Lábẹ́ òrùlé, ẹ lè má rí i. Bí ẹ bá nà án sójú oòrùn, ó lè tún jáde bí ojú ènìyàn lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ aró tuntun kúrò kí wọ́n sì dá ti àtijọ́ sí.

N kò lè jókòó sílé kí n ronú kan ohun tí aláró yẹn sọ fún mi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó fún mi ní ohun tí kò ṣeé yí padà, ó fún mi ní ewu tó ń dúró de ojú oòrùn, ó sì fún mi ní àwòrán kan tí mo lò nínú ìtàn: bí aṣọ ṣe máa ń jáde láti inú aró pẹ̀lú àwọ̀ tó fara jọ ewé, tí afẹ́fẹ́ yóò sì sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni tó dúró tì í. Ẹ̀dá ìtàn mi dúró níbẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń yí padà, kò sì lè sọ pé kí wọ́n dúró.

Bó bá jẹ́ fọ́tò ló wà lọ́wọ́ yín

Gbólóhùn máa ń gbé ìfẹ́-ọkàn ẹnì kan wá fún wa, nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń fẹ́ nǹkan. Fọ́tò kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ipò tí nǹkan wà ló ń fi hàn, ó sì ti dá àkókò dúró. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò rí lórí fọ́tò bàbá arúgbó kan tó jókòó ní ìdí Òkè Olúmọ. Mo kọ ewé mẹ́fà nípa òkúta, òjìji àti ojú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo ń wá ohun kan nínú fọ́tò tí kò bá ìyókù mu, lẹ́yìn náà mo ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan kí wọ́n tó yà á. Ẹ fojú inú wo fọ́tò obìnrin márùn-ún níbi òde kan, tí mẹ́rin wọ aṣọ ẹbí, tí ẹ̀karùn-ún wọ léèsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ òun ni wọ́n fi sí àárín. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ta ló ní kó bọ́ sáàárín? Ta ló di kámẹ́rà mú, ìhà ta sì ni ẹni náà wà? Nígbà tí ẹ bá ti rí gbólóhùn kan tí ẹnì kan nínú wọn sọ láàárọ̀ náà, ẹ lè gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì máa bá gbólóhùn náà lọ.

Ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún

Ìdánwò yìí ló máa ń pa ìtàn púpọ̀ jù, ó sì dára kó pa wọ́n kí ẹ tó fi oṣù kan ṣòfò. Ẹ bi ara yín pé: bí àwọn ènìyàn inú ìtàn yìí bá jókòó, tí wọ́n sì sọ òótọ́ fún ara wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣé ọ̀rọ̀ náà tán? Bó bá tán, ẹ kò tíì ní àhunpọ̀ ìtàn, èdè-àìyedè lásán lẹ ní.

Ibí ni tèmi ti kùnà. Kí ló ní kí àbúrò náà, tí mo pè ní Àbẹ̀kẹ́ nínú ìtàn, má lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú aṣọ Màámi”? Kò sí. Ẹ̀gbọ́n lè gbà, ó lè kọ̀, ìtàn sì parí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì.

Àtúnṣe kì í ṣe pé kí a sọ ẹ̀gbọ́n di òṣìkà. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ìtàn di fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ohun tó yẹ kí a wá ni ohun kan tí ẹ̀dá ìtàn ti ṣe tẹ́lẹ̀ tó mú kí òtítọ́ náà gbówó lórí. Mo wá a títí mo fi rí i: ní ọjọ́ fìdáù, nígbà tí wọ́n béèrè aṣọ náà níwájú àwọn àgbà ẹbí, Àbẹ̀kẹ́ ti sáré dáhùn pé Màámi tà á láti fi ra oògùn. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi owó oògùn ránṣẹ́ lóṣooṣù, ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ tó ń tọ́jú ìyá nílé ló sì ń gbà á. Nítorí náà, ìdáhùn náà ti fi ẹ̀gbọ́n hàn níwájú ẹbí bí ọmọ tí kò ṣe tó. Báyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè yanjú rẹ̀ mọ́. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá sọ òótọ́, kì í ṣe aṣọ nìkan ni yóò pàdánù.

Ìdánwò “nítorí náà”

Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú, kí ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Bó bá jẹ́ “lẹ́yìn náà” ló ń so wọ́n, ẹ lè yọ èyíkéyìí kúrò láìsí ohun tó bàjẹ́, èyí tó fi hàn pé wọn kò di ara wọn mú. “Nítorí náà” àti “ṣùgbọ́n” la ń wá. Tèmi lọ báyìí.

Àbẹ̀kẹ́ purọ́ pé Màámi ta aṣọ náà. Nítorí náà, inú bí ẹ̀gbọ́n, ó sì búra pé òun yóò wá ẹni tó rà á, òun yóò sì rà á padà. Nítorí náà, ẹ̀rù ba Àbẹ̀kẹ́, ó gbé aṣọ lọ sí Ìtòkú pé kí wọ́n pa á kó dúdú. Ṣùgbọ́n bátànì náà kò parẹ́. Ó tún yọ lójú oòrùn. Nítorí náà, kò lè sá a sí àgbàlá ilé, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá aláró. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó ń wá aṣọ kiri dé ọ̀dọ̀ ìyá aláró yẹn gan-an, torí pé ó mọ̀ pé ọwọ́ ìyá wọn ni ìyá aláró náà ti kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo dé ìlà tó gbẹ̀yìn yìí ni mo mọ̀ pé ìtàn náà yóò dúró. Títí di ìgbà yẹn, ìyá aláró jẹ́ ẹni tó kàn ń gba aṣọ. Nísinsìnyí, ó ní ohun tirẹ̀ tó ń fẹ́, ó sì ní ẹrù tirẹ̀ tó ń rù: òun náà ti dá iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ tó ti fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà, síbẹ̀ ó rì í sínú aró. Ìtàn tí ẹnì kan ṣoṣo ń fẹ́ nǹkan nínú rẹ̀ sábà máa ń rẹ̀ ní àárín. Ẹ wá ẹnì kejì tó ní ìdí tirẹ̀, tí ìdí rẹ̀ kò sì burú.

Bí ẹ bá ń ṣe ìdánwò yìí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìjàǹbá ọkọ̀, àìsàn òjijì tàbí àlejò láti ìlú òkè wá kí nǹkan lè máa ṣẹlẹ̀, àmì ni pé gbólóhùn náà kò lágbára mọ́. Ìjàǹbá lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun ló ń gbà á kalẹ̀ ní àárín.

Báwo ni yóò ṣe gùn tó?

Ẹ kọ òpin méjì tó tako ara wọn, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè gba méjèèjì gbọ́. Nínú ọ̀kan, ìyá aláró gbé aṣọ náà fún ẹ̀gbọ́n láìsọ̀rọ̀. Nínú èkejì, ó purọ́ fún ẹ̀gbọ́n, Àbẹ̀kẹ́ sì mú aṣọ kan tí kò lè wọ̀ níta láéláé lọ sílé. Mo gba méjèèjì gbọ́, èyí sì fi hàn mí pé òǹkàwé kò ní mọ ibi tí a ń lọ kí a tó dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ òpin kan ṣoṣo ló bọ́gbọ́n mu, ẹ tún padà sí ìdáhùn mẹ́rin yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí ipò nǹkan yí padà pátápátá. Tèmi yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín ènìyàn mẹ́ta, láàárín ogójì ọjọ́. Ìtàn kúkúrú nìyẹn. Ìdíje ìtàn kúkúrú ti àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, fún àpẹẹrẹ, ń gba ìtàn tó jẹ́ 2,000 sí 5,000 ọ̀rọ̀, mo sì rò pé tèmi yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa ní nǹkan bíi 4,500. Bí mo bá fẹ́ kó di ìwé ìtàn-àròsọ odidi, ìdí tí ìyá aláró fi rì í sínú aró gbọ́dọ̀ di ìtàn fúnra rẹ̀: kí ló wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ ń ya ẹ̀kọ? N kò tíì ní ìdáhùn sí èyí, nítorí náà n kò fi tipátipá nà án.

Ní ti ibi tí gbólóhùn tí a gbọ́ yóò wà, ẹ má ṣe rò pé òun ló gbọ́dọ̀ ṣí ìtàn. Nínú àkọ́kọ́kọ mi, ó wà ní ìlà kìíní, ó sì ti tú àṣírí jù. Mo gbé e lọ sí àárín, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní ọjọ́ fìdáù, nígbà tí àgbà kan béèrè pé, “Àdìrẹ ìyá yín ńkọ́?” tí gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́.